Báwo la ṣe lè kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré láti máa kọ nóòtì fúnra wọn?

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tó wà níbí. Sáyẹ́ǹsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sẹ́kọ́ńdìrì kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ti yọ̀ǹda ìṣẹ́jú 40 lọ́sẹ̀ fún mi ní sáà yìí, kí n fi kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ nóòtì àti bí a ṣe ń fi nóòtì náà kàwé. Àwọn ọmọ yìí mọ bí a ṣe ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó, wọ́n sì ń dà á kọ dáadáa, kódà wọn a máa fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ńṣe ni gbogbo wọn máa ń dẹ́kun ìwé kíkọ, tí wọn á máa wò mí. Bí mo bá ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀, wọn á bi mí pé, “Mà, ṣé ká kọ ìyẹn náà?” Àwọn díẹ̀ tó ń gbìyànjú fẹ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu mi jáde, kí wọ́n tó kọ gbólóhùn kìíní tán, mo ti dé ìkarùn-ún, wọn á sì jáwọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Kí ni mo lè ṣe nínú ìṣẹ́jú 40 náà tí yóò hàn nínú ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n ń kọ́?

Ọ̀gbẹ́ni Ìsẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀rọ̀ nóòtì kì í ṣe ohun tí a lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, pàápàá nígbà tí àwọn alábẹ̀wò ẹ̀kọ́ bá dé. Ohun tí wọ́n máa ń wò ni pé kí àkọlé ẹ̀kọ́, ohun tí ọmọ yóò mọ̀ ní òpin ẹ̀kọ́, ohun èlò ìkọ́ni, ìgbésẹ̀ ìkọ́ni àti ìbéèrè ìgbéléwọ̀n pé pérépéré, kí ọ̀gá sì ti fọwọ́ sí i kí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Èmi máa ń kọ tèmi ní òpin ọ̀sẹ̀, mo sì máa ń kọ iye ìṣẹ́jú tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ibi tí mo bá ti fẹ́ dúró kí n bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè náà yóò sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí alábẹ̀wò tí yóò rí ẹ̀sùn kà sí yín lẹ́sẹ̀.

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Nóòtì tí àwọn ọmọ fúnra wọn ń kọ nínú kíláàsì ni mò ń béèrè nípa rẹ̀, kì í ṣe nóòtì ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ ń múra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n màá mú ọ̀rọ̀ yín nípa kíkọ ibi tí mo ti máa dúró sílẹ̀ ṣáájú, nítorí n kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró tí mo bá ń ṣàlàyé.

Ìyá Àgbà Olùkọ́

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ìbàdàn kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì rí ni pé ọmọ tí kò lè kọ nóòtì kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ. Iṣẹ́ mẹ́ta la kó lé e lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: kí ó gbọ́, kí ó pinnu ohun tó ṣe pàtàkì, kí ó sì kọ ọ́. Ọwọ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá kò yára tó ẹnu olùkọ́ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ó ṣe jìnnà tó, ẹ ní kí wọ́n da àyọkà kan kọ fún ìṣẹ́jú kan péré, kí oníkálukú ka iye ọ̀rọ̀ tí ó kọ. Lẹ́yìn náà ẹ ka àyọkà yẹn sókè bí ẹ ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó sì rí ìyàtọ̀ náà kedere.

Nítorí náà, ẹ ya àwọn iṣẹ́ náà sọ́tọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú bírò dání nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣàlàyé fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ wá fún wọn ní ìṣẹ́jú kan àbọ̀ láti kọ ohun tí wọ́n rántí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ àti ẹni tó jókòó tì í fi ìwé wọn wé ara wọn, kí kálukú fi ohun tó fò kún tirẹ̀. Kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 40 yẹn ti tán nìyẹn. Ìbéèrè “ṣé ká kọ ìyẹn náà” yóò dínkù, nítorí kò sí ohun tí wọ́n ń dà kọ mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ kọ nóòtì alálàfo sójú pátákó: ẹ kọ egungun ẹ̀kọ́ náà, kí ẹ sì fi àlàfo sí ibi tí kókó gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n máa dí i bí wọ́n bá ṣe ń gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí àlàfo pọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ, títí tí yóò fi ku àkọlé nìkan. Ní àsìkò yìí kan náà ni kí ẹ kọ́ wọn láti máa tẹ́tí sí àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ fi ń ṣí ọ̀nà, bíi “ìdí mẹ́ta ló wà”, “nítorí pé”, “ṣùgbọ́n”, “fún àpẹẹrẹ”. Ọmọ tó bá ti gbọ́ “ìdí mẹ́ta” yẹ kó ti kọ 1, 2, 3 sílẹ̀ kí olùkọ́ tó la ẹnu fún ti àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó pín ojú ìwé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Walter Pauk ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Fún àwọn ọmọ kékeré, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi rúlà fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ìdá kan nínú mẹ́ta ojú ìwé wà lápá òsì, kí ìdá méjì tó kù wà lápá ọ̀tún, kí wọ́n sì fi ìlà mẹ́rin sílẹ̀ nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń kọ nóòtì sí nígbà ẹ̀kọ́. Apá òsì ṣófo títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ìbéèrè ni wọn ó kọ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wọn ó ti fi gbólóhùn kan tàbí méjì sọ ohun tí gbogbo rẹ̀ dá lé lórí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹ̀kọ́ ibà ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní olùkọ́ sọ báyìí:

> Kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ń gbé ibà káàkiri. Abo ẹ̀fọn Anọ́fílíìsì nìkan ló ń gbé e, nítorí pé abo ló nílò ẹ̀jẹ̀ kí ẹyin inú rẹ̀ tó lè gbó; omi dídùn inú òdòdó ni akọ ń mu, kì í jẹ ènìyàn. Inú omi tó dúró sójú kan ni abo máa ń yé ẹyin sí. Ẹyin náà á di tanwíji, tanwíji á sì di ẹ̀fọn láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí ni irú ẹ̀fọn yìí sábà máa ń jẹ ènìyàn. Bí ó bá jẹ ẹni tó ní ibà, yóò fa kòkòrò ibà mu pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, tó bá sì pẹ́ díẹ̀, yóò lè kó o ran ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 15 ni ara onítọ̀hún sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Ohun tí ọmọ lè kọ sí apá ọ̀tún kò ju èyí lọ:

> abo Anọ́fílíìsì nìkan → ibà
> abo: ẹ̀jẹ̀ fún ẹyin, akọ: omi òdòdó
> omi tó dúró: ẹyin → tanwíji → ẹ̀fọn, ọ̀sẹ̀ 1–2
> ń jẹ ènìyàn: ìrọ̀lẹ́ dé ìdájí
> aláìsàn → ẹ̀fọn → ẹlòmíràn. Ara gbóná: ọjọ́ 10–15

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí, yóò kọ ìbéèrè sí apá òsì, ní ẹ̀gbẹ́ ìlà tí ìdáhùn rẹ̀ wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kejì, kí ó kọ pé: “Kí ló dé tí akọ kì í fi í gbé ibà?” Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kẹta: “Bí a bá da omi inú agolo nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, báwo ló ṣe ń dín ẹ̀fọn kù?” Ìbéèrè kejì yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sí ìdáhùn rẹ̀ ní tààrà nínú nóòtì, ọmọ ní láti ronú pé bí omi kò bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan, tanwíji kò ní ráyè di ẹ̀fọn. Nísinsìnyí ọmọ lè fi ọwọ́ tàbí bébà bo apá ọ̀tún, kí ó máa dáhùn ìbéèrè apá òsì láì wo ibẹ̀. Ìyẹn ni ìwé kíkà tí ó yẹ kí ẹ kọ́ wọn.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìyá wa, àmọ́ ó jọ pé a ti sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá. Nígbà tiwa, olùkọ́ pe ọ̀rọ̀, a kọ ọ́, a kà á ní àkàtúnkà títí ó fi wọ orí, a sì yege. Ohun tó tó àwọn ọmọ ni pé kí a kọ́ wọn ní ìkékúrú ọ̀rọ̀, kí ọwọ́ wọn lè yá, kí wọ́n sì fi bírò aláwọ̀ pupa fa ìlà sábẹ́ ohun tó ṣe pàtàkì. Ọmọ mi tó wà ní kíláàsì kẹta máa ń ka nóòtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin ní alẹ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la, kò sì fìdí rẹmi rí. Ohun mìíràn ni pé àwọn ọmọ kan jẹ́ ẹni tí ń fi ojú kọ́ ẹ̀kọ́, àwọn mìíràn ń fi etí kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tí ọmọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí ẹ tó yan ọ̀nà fún un.

Ìyá Àgbà Olùkọ́

Akọ̀wé, ẹ tọ̀nà lórí ìkékúrú ọ̀rọ̀, bí kò bá ti pọ̀ jù. Ọfà, àmì ìdọ́gba àti bíi ìkékúrú mẹ́wàá tí gbogbo kíláàsì jọ mọ̀ ti tó. Bí ọmọ bá ń dá tirẹ̀ hùmọ̀ lójoojúmọ́, kò ní lè ka ìwé ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ti rí ọmọ tó kọ “ẹ” síbi mẹ́fà, tí kò sì mọ èyí tó jẹ́ ẹyin, èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀fọn mọ́.

Lórí àkàtúnkà, ohun tí ọmọ yín ń ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ìdánwò ọ̀la. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke ti Yunifásítì Washington ní Saint Louis ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkúrú láti kà. Àwọn kan tún un kà lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn mìíràn pa ìwé dé, wọ́n sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n rántí. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà: àwọn tó pa ìwé dé rántí 56 nínú 100 àwọn kókó inú àyọkà náà, àwọn tó tún un kà sì rántí 42. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n, kì í ṣe ọmọ kíláàsì kìíní, ṣùgbọ́n mo ti rí irú rẹ̀ nínú kíláàsì tèmi. Ìdánwò àṣekágbá sẹ́kọ́ńdìrì kékeré kì í ṣe ti ọ̀la. Ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀.

Ohun tó ń tan àwọn ọmọ jẹ ni pé bí wọ́n bá ka nǹkan lẹ́ẹ̀mẹrin, ojú wọn á ti mọ̀ ọ́n, wọn á sì gbà pé orí wọn mọ̀ ọ́n. Bírò pupa náà kò burú, ṣùgbọ́n ọmọ tó fa ìlà sábẹ́ ohun gbogbo kò tíì yan ohun kankan.

Ní ti ọmọ tí ń fi ojú kọ́ àti èyí tí ń fi etí kọ́, mo gba ìyẹn gbọ́ nígbà kan, àmọ́ àwọn olùwádìí tó dán an wò kò rí ẹ̀rí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé ọmọ ń mọ̀wé sí i bí a bá fi ọ̀nà tó yàn láàyò kọ́ ọ. Àwòrán tanwíji nínú omi yóò ran gbogbo kíláàsì lọ́wọ́, kì í ṣe àwọn kan nìkan.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú

Mo gbọ́, mà. Màá ní kí ọmọ mi gbìyànjú bíbo ìwé yẹn, síbẹ̀ mo ṣì gbà pé ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ka nóòtì náà dáadáa lẹ́ẹ̀kan, nítorí ènìyàn kò lè rántí ohun tí kò yé e.

Ìyá Àgbà Olùkọ́

Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn tọ̀nà. Kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan kó yé e, lẹ́yìn náà kí ó bo ìwé.

Tíṣà Ìlọrin

Ẹ kú làákàyè. Ọmọ 72 ló wà nínú kíláàsì tèmi, àga kò sì tó wọn. Mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń jókòó. Bí kálukú wọn bá kọ nóòtì tirẹ̀, báwo ni mo ṣe máa yẹ ìwé 72 wò lọ́sẹ̀ láti mọ ẹni tó kọ òtítọ́ àti ẹni tó kọ irọ́? Nóòtì ojú pátákó kan náà ni gbogbo wọn ń kọ báyìí, ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ohun tó wà nínú ìwé wọn tọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ á kọ “akọ ẹ̀fọn” dípò “abo ẹ̀fọn”, yóò sì gbé e dé inú ìdánwò.

Ìyá Àgbà Olùkọ́

Ẹ̀rù yẹn tọ́, sà. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi nínú kíláàsì ńlá ni pé n kì í yẹ nóòtì wò, ìdánwò kékeré ni mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, mo máa ń kọ ìbéèrè márùn-ún sójú pátákó, wọ́n sì lè ṣí ìwé, ṣùgbọ́n nóòtì tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ nìkan. Ọmọ tí nóòtì rẹ̀ kéré jù tàbí tí kò ṣe é kà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, láì sí pé mo bá a wí. Wọn á pààrọ̀ ìwé, wọn á máàkì fún ara wọn bí mo bá ṣe ń sọ ìdáhùn. Bí èyí tó ju ìlàjì kíláàsì bá ṣi ìbéèrè kan náà, mo mọ̀ pé àlàyé tèmi ni kò yé wọn, màá sì tún un ṣe.

Fún àṣìṣe bíi akọ àti abo, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò gbọ́dọ̀ ṣì sójú pátákó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, kí wọ́n sì wà níbẹ̀ títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kẹ́yìn, ẹ ka kókó márààrún sókè, kí kálukú fi í wé tirẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí ìwé gan-an, ẹ gba mẹ́jọ péré lọ́sẹ̀, láti ìlà àga kan sí òmíràn.

Ìyá Fèyí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ gbọ́ ti àwa òbí náà. Ọmọ mi wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ ní irú nóòtì oníbéèrè yìí, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ní òpin sáà, wọ́n gba ìwé nóòtì gbogbo wọn, wọ́n sì fún un ní 4 nínú 10 nítorí pé nóòtì rẹ̀ “kò pé”, bẹ́ẹ̀ ó gba máàkì tó ga nínú ìdánwò ẹ̀kọ́ yẹn kan náà. Láti ìgbà náà, ó ti padà sí dída gbogbo nǹkan kọ, nígbà mìíràn títí di aago mẹ́wàá alẹ́, láti inú ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀, láì ka ohun tó ń kọ. Kí ni kí n sọ fún un? N kò lè sọ fún un pé kí ó má ṣe gbọ́rọ̀ sí olùkọ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Tíṣà Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, mà, nítorí èmi náà máa ń fún wọn ní máàkì nóòtì. Òun ni a fi ń mọ ọmọ tó ń wá sí ilé-ẹ̀kọ́ déédéé, àwọn alábẹ̀wò náà sì máa ń béèrè rẹ̀. Bí mo bá yọ ọ́ kúrò, kí ni màá fi rọ́pò rẹ̀ nínú máàkì sáà?

Ọ̀gbẹ́ni Ìsẹ́yìn

Níbi tí mo wà, ojú ewé méjì tó kọjú síra la ń lò. Nóòtì ojú pátákó, ní kúkúrú, ló wà ní ọwọ́ ọ̀tún, òun ni olùkọ́ ń máàkì. Ti ọmọ fúnra rẹ̀ wà ní ọwọ́ òsì, pẹ̀lú ìbéèrè rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í máàkì ìyẹn.

Ìyá Fèyí

Ìyẹn dára, sà, ṣùgbọ́n ìwé ìkọ̀wé ọmọ á tètè tán, a ó sì ra méjì níbi tí a ti ń ra ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń kọ́. Kì í ṣe gbogbo òbí ló lè ṣe é.

Ìyá Àgbà Olùkọ́

Òtítọ́ ni ìyá wa sọ, n kò sì ní ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn pátápátá. Ohun tí ẹ lè ṣe láìná owó ni pé kí ọmọ yín ṣì da nóòtì náà kọ bí wọ́n ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n kí ó fi etí ìwé sílẹ̀, kí ó sì kọ ìbéèrè méjì tàbí mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù lẹ́yìn tó bá dé ilé. Bíbo ìwé àti dídáhùn ìbéèrè ló ń mú kí ọmọ rántí, ó sì ṣeé ṣe lórí nóòtì ojú pátákó náà. Kí ó ṣe é ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ, kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí ó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tó lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ti máàkì, ọ̀rọ̀ ìpàdé olùkọ́ àti òbí nìyẹn, ẹ gbé e lọ síbẹ̀.

Tíṣà Ìlọrin

Mo ní ìbéèrè kan sí i fún ìyá wa. Yorùbá lẹ fi kọ nóòtì ẹ̀fọn yẹn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, òun náà la sì fi ń ṣe ìdánwò. Ṣé ẹ gbà kí ọmọ máa fi Yorùbá kọ nóòtì ẹ̀kọ́ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́?

Ìyá Àgbà Olùkọ́

Mo gbà bẹ́ẹ̀ fún àlàyé, kì í ṣe fún orúkọ nǹkan. Kí ọmọ kọ orúkọ ẹ̀fọn àti orúkọ kòkòrò náà bí ìdánwò yóò ṣe béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó fi Yorùbá kọ ìdí tí abo fi ń mu ẹ̀jẹ̀ bí ìyẹn bá yá a lọ́wọ́. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa kò lè fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ nǹkan ní èdè yẹn, nítorí náà ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni yóò máa dà kọ ṣáá. Ètò ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní ọdún 1970 fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, àwọn ọmọ náà kò sì tìtorí rẹ̀ rẹ̀yìn.

Tíṣà Ìlọrin

Ní Ifẹ̀, ó rọrùn. Nínú kíláàsì mi, àwọn ọmọ Nupe, Hausa, Fúlàní àti Yorùbá ló jókòó pọ̀. Bí kálukú bá fi èdè ilé rẹ̀ kọ ọ́, wọn kò ní lè fi ìwé wé ti ara wọn bí ẹ ṣe ní kí wọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìbéèrè apá òsì: bí kò bá sí ní Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè ìdánwò yóò ṣàjèjì sí wọn. N kò tíì gbà pẹ̀lú yín lórí èyí, mà.

Ìyá Àgbà Olùkọ́

N kò bá yín jiyàn lórí kíláàsì yín, sà; ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ lè jẹ́ kí ìbéèrè wà ní Gẹ̀ẹ́sì, kí nóòtì apá ọ̀tún sì wà ní èdè tó bá yá ọmọ lọ́wọ́.

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní

Mo padà wá jábọ̀ fún yín. Mo ti ṣe ẹ̀kọ́ aláìmúbírò, mo ṣe nóòtì alálàfo, a sì ti pín ojú ìwé báyìí. Ìyípadà àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé ariwo kíláàsì yàtọ̀: nígbà tí mo bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ. Èyí tó ń dà mí láàmú ni apá òsì. Mo gba ìwé mẹ́jọ bí ìyá wa ṣe sọ. Nínú márùn-ún, àkọlé ni wọ́n kọ dípò ìbéèrè. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ̀wé dáadáa kọ báyìí:

> Ẹ̀fọn
> Ẹyin
> Kí ni tanwíji?
> Àkókò

Nígbà tí mo ní kó bo apá ọ̀tún, kó sì dáhùn, ó wo ọ̀rọ̀ náà “Ẹyin” títí, ó ní, “Mà, n kò mọ ohun tó ń béèrè.” Nígbà tó kan “Kí ni tanwíji?”, ó dáhùn kíá pé ọmọ ẹ̀fọn ni, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tó ń gbé tàbí bí ó ṣe ń pẹ́ tó.

Ìyá Àgbà Olùkọ́

Ọmọ yẹn ti bá yín rí ìdáhùn náà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ sójú pátákó láì dárúkọ rẹ̀, kí gbogbo kíláàsì bá a sọ “Ẹyin” di ìbéèrè. Ẹ fún wọn ní ọ̀rọ̀ ìbéèrè mẹ́ta péré fún ọ̀sẹ̀ méjì: “kí ló dé”, “báwo” àti “kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí”. Ẹ yọ “kí ni” lásán kúrò fún ìgbà díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n sábà fi ń dáhùn rẹ̀, ọmọ á sì rò pé òun ti parí. “Ẹyin” yóò di “Kí ló dé tí abo fi nílò ẹ̀jẹ̀?” “Àkókò” yóò di “Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí omi bá dúró nínú táyà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?”

Ẹ jẹ́ kí ẹni tó kọ ìbéèrè fún ẹni tó jókòó tì í láti dáhùn. Bí ẹnì kejì kò bá mọ ohun tí ìbéèrè ń béèrè, kí ó dá a padà fún àtúnṣe. Àwọn ọmọ máa ń gba irú àtúnṣe yẹn lọ́wọ́ ara wọn ju bí wọ́n ṣe ń gbà á lọ́wọ́ wa lọ.

Olùkọ́ Kíláàsì Kìíní

Ẹ ṣeun, mà. Ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀kọ́ wa tó kàn, lórí bí a ṣe ń sẹ́ omi mímu. Màá kọ ọ̀rọ̀ ìbéèrè mẹ́ta náà sí òkè pátákó, màá sì gbé àwọn ìbéèrè tí wọ́n bá kọ wá síbí fún yín láti wò. Tíṣà Ìlọrin, bí ẹ bá dán ìdánwò onínóòtì yẹn wò nínú kíláàsì yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún wa bí ọmọ 72 ṣe pààrọ̀ ìwé láìdàrú, nítorí 58 ni tèmi, ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ náà ló sì ń kọ mí lóminú.

Tíṣà Ìlọrin

Màá dán an wò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìlà àga sí ìlà àga ni mo fẹ́ kí wọ́n fi pààrọ̀, kí ìlà iwájú fún ìlà ẹ̀yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dìde. Màá jábọ̀.